Ìbéèrè Fáòsíà Lórí Oríkì

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí Fáòsíà Adéògún, ó jókòó sórí àpótí nínú ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Kotobabi, ní Accra, ó ń fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ara ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Mo wá ṣe ẹ̀dà ìwé ìbí mi ni. Ó wo orúkọ mi lára rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin náà, Anago ni yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá ni mí. Ó ní, "Ìwé wo lẹ kà gbẹ̀yìn?" Mo ní kí ó jẹ́ kí n rò ó ná. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi aṣọ náà lélẹ̀, ó ń wò mí, bí ẹni pé èsì tí mo bá fún un ní iṣẹ́ tí yóò ṣe fún un. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ nìyẹn: kí ó béèrè, kí ó sì dúró gbọ́. Ohun náà ni ó sì kó o sínú ìbànújẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Accra ni wọ́n bí Fáòsíà sí, Accra náà ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ni ó ti Ọ̀fà wá, Fáòsíà kò sì dé Ọ̀fà rí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjìlá, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ tí ń ta ọṣẹ ní ọjà Mamobi ni ó gbà á tọ́. Ṣùkúrátù Bùràímọ̀ ni orúkọ obìnrin náà nínú ìwé, ṣùgbọ́n Màmá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo ọjà ń pè é. Nínú òórùn ọṣẹ dúdú ni Fáòsíà ti kọ́ ìwé kíkà, lórí páálí tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ó lo ọdún mẹ́wàá ní ilé ìtẹ̀wé Kotobabi. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ó ń ra ìwé pamọ́: ìwé ìtàn, ìwé ọmọdé, ìwé àlọ́, tuntun àti àlòkù, títí páálí mọ́kànlá fi kún abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ilé ìtàwé ni ó fẹ́ dá sílẹ̀. Kò fẹ́ èyí tí yóò máa ta kálámù àti ìwé àkọsílẹ̀ nìkan. Ó fẹ́ ibi tí ènìyàn ti lè wọlé, kí ó jókòó, kí ó ṣí ojú ewé méjì wò kí ó tó rà. Ó ti rí kóńténà kan lẹ́bàá ọ̀nà ní Alajo. Fàrúkù, ẹni tí ó ni kóńténà náà, sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un: "Oṣù mẹ́rin ni mo lè fi dúró dè ọ́, arábìnrin. Bí o bá ti ṣí i tí n kò rí kí èrò máa wọ ibẹ̀, ẹni tí ń ta irun ń bẹ lẹ́yìn rẹ."

Afua, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ó kọ́ ọ ní ọgbọ́n tí yóò fi rí èrò. Inú àgbàlá kan ní Alajo ni àwọn méjèèjì ti ṣeré dàgbà, nítorí náà Afua gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bójú tó ojú ìwé oníṣòwò aṣọ kan lórí Fesibúùkù.

"Má tíì ta nǹkan kan," ni Afua wí. "Ìwé kan ṣoṣo o, má gbé e síbẹ̀ kí o ní iye báyìí ni."

"Kí ni kí n wá gbé síbẹ̀? Ojú mi?"

"Ei! Ta ni yóò ra ojú rẹ? Ìbéèrè ni kí o gbé síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀mẹrin, ọjọ́ tí o bá ní 'ẹ wá rà', kò ní ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n tí o bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'ẹ wá rà', wọn á sáré kọjá bí ìgbà tí wọ́n rí ẹni tí ń tọrọ owó."

Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Fesibúùkù, wọ́n pè é ní Ojú Ewé. Wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kí ọ̀rẹ́ ẹni tí ó bá dáhùn náà lè rí i kí ó sì wọlé. Fáòsíà kọ àwọn òfin Afua sínú ìwé kékeré kan, ó sì ń tẹ̀ lé wọn bí ẹni ń kírun. Ìbéèrè kan lójúmọ́, kò gbọdọ̀ ju ìlà méjì lọ. Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni, nígbà tí àwọn ènìyàn wà nínú tròtrò, ọkọ̀ èrò Accra, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ní wákàtí àkọ́kọ́, kí ó dá gbogbo ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ lóhùn, kí ó sì fi ìbéèrè mìíràn parí èsì rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà kú. Kí ó má fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn, nítorí ẹni tí ẹ̀bùn mú wá, ẹ̀bùn ni yóò bá lọ.

Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, ìbò ni, ọ̀nà méjì péré: bí ẹ bá ń ka ìwé, ṣé ẹ máa ń ká etí ewé ni, àbí ẹ máa ń fi nǹkan há a? Ènìyàn mọ́kàndínlógún ni ó dìbò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ń bá ara wọn jà. Ọkùnrin kan kọ ọ́ pé, "Ẹni tí ó bá lè ká etí ewé lè lu ìyá rẹ̀." Obìnrin kan dá a lóhùn pé, "Mo ń ká a. Ìyá mi ni ó sì kọ́ mi." Fáòsíà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọjọọjọ́ Ẹtì, ìdánwò ni. Ó máa ń fi àwòrán ohun àtijọ́ kan hàn, bíi wàláà, bíi igo tàdáwà, kí ó fi èsì mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n mú ọ̀kan. Ọjọ́ Sátidé ni ó ń sọ èyí tí ó tọ̀nà, kí wọ́n lè padà wá wò ó. Àwọn ìbò mìíràn wà tí ó fi ń mọ ohun tí yóò kó sórí pákó. Afua kìlọ̀ fún un pé kí ó má bi wọ́n bóyá wọn yóò ra ìwé. "Gbogbo wọn ni yóò ní àwọn á rà á. Ẹnu ò ní ìṣẹ́. Bi wọ́n ní ìwé tí wọ́n fi owó ara wọn rà gbẹ̀yìn, àti ibi tí wọ́n ti rà á." Ó bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ó sì rí i pé àwọn ìyá ni ń ra ìwé, pé fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá ni, àti pé ohun tí wọ́n ń wá tí wọn kò rí ni ìwé tí èdè ilé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ wà lójú ewé kan. Ó tún páálí rẹ̀ tò ní ìbámu pẹ̀lú èyí.

Ní ìparí oṣù kejì, ẹgbẹ́ náà ti ní ẹgbẹ̀rin ènìyàn ó lé díẹ̀. Níbẹ̀ ni ó dúró sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Fáòsíà ń ro ohun tí Fàrúkù sọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó jókòó sétí ibùsùn, ó rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pe oríkì òun nìkan bí ara òun kò bá yá. Kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀: "Kí ni oríkì rẹ? Ta ni ó máa ń fi pè ọ́?"

Àwọn Yorùbá tí wọ́n bí sí Ghana, orúkọ ìwé wọn lè jẹ́ ti mùsùlùmí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ ìta wọn sì lè jẹ́ ti Ga tàbí ti Twi. Oríkì kò bá wọn jáde. Inú yàrá ni ó ń gbé, lẹ́nu ìyá àti bàbá àti ìyá àgbà. Nítorí náà ni ìbéèrè yẹn ṣe wọ wọ́n lára. Ní agogo mẹ́jọ, ọgọ́rùn-ún ti dáhùn. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ̀rin. Àwọn kan kọ ọ́ pẹ̀lú omijé: "Àjíkẹ́. Ìyá àgbà mi ni, ó kú ní Kumasi." "Àlàó. Kò sí ẹni tí ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́." Àwọn Hausa kọ kìràrì tiwọn, àwọn Akan náà kọ tiwọn. Fáòsíà ń dáhùn, ó ń béèrè, bí òfin ti wí: Níbo ni wọ́n ti ń pè yín bẹ́ẹ̀? Nígbà wo lẹ gbọ́ ọ kẹ́yìn? Ní ọjọ́ kẹta, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ni ó wà nínú ẹgbẹ́ náà.

Màmá Ọlọ́ṣẹ gbọ́ ariwo rẹ̀ lọ́jà. Ọjọ́ kẹrin, bí Fáòsíà ti ń ràn án lọ́wọ́ láti gé ọṣẹ, ó fi fóònù ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Kọ tèmi náà sí i. Àbí ti àwọn arúgbó kọ́ ni?"

"Màámi, ẹ ò sọ oríkì yín fún mi rí."

"O ò bi mí rí." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Àkànkẹ́ ni. Kò sí ẹni tó kù láyé tó ń fi pè mí."

"Ta ni ó máa ń fi pè yín?"

"Bàámi. Àti ẹ̀gbọ́n mi, Àrówólò."

Fáòsíà ń tẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń gbọ́ ọ. Ó béèrè, ó dúró, ó tún béèrè. Gbogbo ìtàn náà sì jáde, èyí tí obìnrin náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ọdún márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta. Ọdún 1969 ni, nígbà tí ìjọba kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun, éèyí ń ṣe òun, ara òun gbóná bí iná, lọ́rì kò sì lè gba aláìsàn. Wọ́n fi òun sọ́dọ̀ Naa Dedei, obìnrin tí ń yan ẹja ní Jamestown. Bàbá òun àti Àrówólò gun lọ́rì aláwọ̀ aró kan lọ. Bàbá kú kí wọ́n tó délé. Ẹnìkan mú ìròyìn náà wá. Ti Àrówólò, kò sí ẹni tí ó gbúròó rẹ̀ mọ́.

"Kí ni ó sọ fún yín kẹ́yìn, Màámi?"

Màmá Ọlọ́ṣẹ gé ọṣẹ kan sí i. "Ó ní, 'Àkànkẹ́, dúró níbí. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.'"

Fáòsíà tẹ ìyẹn náà. Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó rán an lọ, lábẹ́ orúkọ ìwé Màmá Ọlọ́ṣẹ, Ṣùkúrátù Bùràímọ̀, àti àwòrán ìsọ̀ rẹ̀, tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lára pátákó rẹ̀ gàdàgbà, bíi ti gbogbo ọlọ́jà. Ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ni ó tẹ ọkàn pupa sábẹ́ rẹ̀. Afua pè é pé, "Charlie, ọ̀rẹ́ mi, o ti ṣe é!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Fáòsíà wà nínú kóńténà Alajo tí Fàrúkù ti yọ̀ǹda kí ó máa tún ṣe, ó ń kun pákó, nígbà tí Màmá Ọlọ́ṣẹ wọlé. Ìyá náà kì í fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sán. Ìborùn rẹ̀ ti yọ́ sí èjìká.

"Ó ti rí mi," ni ó wí. "Fáòsíà, Àrówólò ti rí mi! Ìbéèrè rẹ ló wá mi kàn."

Ó jókòó sórí páálí. Ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn ni ọkùnrin kan pè é láti Nàìjíríà, ó ní ọmọ Àrówólò ni òun, ẹnìkan ni ó fi ọ̀rọ̀ Àkànkẹ́ han òun lórí Fesibúùkù. Lẹ́yìn náà ni ó gbé fóònù fún bàbá arúgbó kan. "Ó kàn ní 'Àkànkẹ́'. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo." Wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ara bàbá náà kò le. Wọ́n ti gbéra, wọ́n há sí bodè nítorí ìwé, Màmá sì ti fi owó ránṣẹ́ lórí Mọ́mọ̀, báǹkì orí fóònù, nígbà mẹ́ta, láti inú èyí tí ó ń tọ́jú fún Mẹ́kà. "Mẹ́kà á dúró. Ẹ̀jẹ̀ ẹni ò lè dúró."

Fáòsíà gbọ́ ọ̀rọ̀ owó náà. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó fẹ́ béèrè. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ìyá tí ó tọ́ ọ, ojú náà sì dà bí ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Ogbó ti ń bá a jà díẹ̀," ni Màmá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ní lọ́rì aláwọ̀ ewé ló gbé àwọn lọ. Aró ni. Mo sọ fún un pé aró ni, ó ní òun ti gbàgbé."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń dé?"

"Ìgbà wo lo rò? Ó ní, 'Ṣé mi ò sọ fún ọ pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni?'"

Àwọn méjèèjì sunkún. Lẹ́yìn náà ni Fáòsíà béèrè bóyá òun lè sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́. Ìyá ní kí ó sọ fún gbogbo ayé. Ó kọ ọ́, ó sì fi ìbò kan parí rẹ̀: ta ni yóò bá wa lọ pàdé Bàbá Àrówólò ní ọgbà bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ẹtì, agogo mẹ́rin? Ẹgbẹ́ náà di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà láàárín ọjọ́ méjì. Fàrúkù fúnra rẹ̀ wá sí kóńténà, ó ní, "Arábìnrin, kọ́kọ́rọ́ rẹ nìyí. Irun lè máa dúró."

Ènìyàn bí ogójì ni ó wá sí ọgbà tí bọ́ọ̀sì Èkó máa ń wọ̀, nítòsí oríta Circle. Wọ́n gbé fóònù sókè. Màmá Ọlọ́ṣẹ wọ léèsì funfun, ó gbé abọ́ kan dání, ẹja yíyan ti Jamestown ni ó wà nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ wọlé ní agogo mẹ́rin ààbọ̀. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn. Kò sí arúgbó kankan nínú wọn. Wọ́n pe nọ́ńbà náà. Ó dún títí, kò sí ẹni tí ó gbé e. Bọ́ọ̀sì kejì wọlé. Wọ́n tún pè é, kò dún mọ́. Àwọn kan ti ń sọ fóònù wọn kalẹ̀. Ọmọbìnrin kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹnìkan wí ní Twi, kò sì rọra wí i, pé àwọn Alata, ìyẹn àwọn Yorùbá, ni wọ́n kúkú ń fi ọgbọ́n wọn jẹ ara wọn.

"Ọ̀nà ò dáa," ni Màmá Ọlọ́ṣẹ ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá wò ó. "Bodè ni. Ẹ mọ̀ pé bodè ò dáa."

Wọ́n dúró títí ọgbà fi ṣófo. Ẹja náà wà nínú abọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Fáòsíà jókòó sínú kóńténà rẹ̀, láàárín pákó tí ọ̀dà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Ó ṣí ìbéèrè oríkì, ó wá ìdáhùn Màmá Ọlọ́ṣẹ rí. Ó fa ìlà sí ìwé kan, ó yà á sí méjì: ohun tí ọkùnrin orí fóònù mọ̀ lápá kan, ohun tí ó wà lójú Fesibúùkù lápá kejì. Àkànkẹ́. Bùràímọ̀. Éèyí. Naa Dedei. Ọjọ́ Ẹtì. Kò sí ohun kan lápá àkọ́kọ́ tí kò sí lápá kejì. Nígbà tí ó dé ibi lọ́rì, ó rí ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ní ọjọ́ náà, pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́ tí ó sì ń kánjú: *lọ́rì aláwọ̀ ewé*. Màmá pe aró. Òun ni ó kọ ewé. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo ayé tí ó sọ pé ewé ni, àfi òun, àti ẹni tí ó kà á.

Ó dìde, ó jáde síta, ó rìn yí kóńténà náà ká.

Ó tún padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ìdáhùn yòókù, ó sì rí wọn ní ọ̀nà tí kò tíì gbà rí wọn rí: orúkọ tí wọ́n fi pamọ́ sínú yàrá, òkú wọn, ìlú wọn, ohun tí wọ́n ń wá, gbogbo rẹ̀ níta gbangba, òun ni ó sì ń fi ìbéèrè fà á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pe Afua.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Afua ní, "Pa ìbéèrè yẹn rẹ́. Lónìí. Ti ẹgbẹ́ náà pa, kí ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ má lè rí nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n má sọ nǹkan kan."

"Kí n má sọ?"

"Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ lo ń ṣí ilé ìtàwé, Fáòsíà! Sọ pé bàbá náà kò lè wá mọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, tí ìwé bá ti ń tà, o lè kìlọ̀ fún wọn. Má fi ọwọ́ ara rẹ dà á nù."

"Bí wọ́n bá ń pe ẹlòmíràn lọ́wọ́lọ́wọ́ ńkọ́?"

"O ò mọ̀ pé wọ́n ń pè é."

"Mo lè béèrè," ni Fáòsíà wí.

Ó kọ́kọ́ lọ sí Mamobi. Ó kúnlẹ̀ láàárín ìsọ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ lọ́rì náà fún Màmá Ọlọ́ṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá náà ń to ọṣẹ, kò dáwọ́ dúró.

"Arúgbó lè ṣi àwọ̀ lọ́rì mọ̀," ni ó wí níkẹyìn.

"Màámi, èmi ni mo ṣì í kọ."

"Mo mọ ohùn ẹ̀gbọ́n mi. Dìde lórí ilẹ̀, o ń dí oníbàárà mi lọ́nà."

Ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ Fáòsíà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Orúkọ ẹni tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó wà lórí nọ́ńbà tí Màmá fi owó ránṣẹ́ sí.

Ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ní wákàtí tí ó mọ̀ pé ojú wọn wà lára fóònù, Fáòsíà gbé ìbò tí ó kẹ́yìn sínú Ojú Ewé. Ó ti pa ìbéèrè oríkì rẹ́ pátápátá, ó sì ti ti ẹgbẹ́ náà pa. Ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sọ pé òun ni ó fa ìdáhùn náà jáde, òun ni ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ó béèrè ohun kan: "Láti oṣù kan sẹ́yìn, ǹjẹ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ ti fi oríkì yín pè yín lórí fóònù?" Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ènìyàn mọ́kànlélógójì mú bẹ́ẹ̀ ni. Mẹ́sàn-án nínú wọn ti fi owó ránṣẹ́. Ọkùnrin kan ní Kumasi, Abọ́dúndé, wà ní ọ̀nà bodè lọ pàdé ìyá tí ó rò pé ó ti kú. Inú ọkọ̀ ni ó ti ka ìbò náà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní agbedeméjì. Kò dúpẹ́. Ohun tí ó kọ ni pé, "Ìwọ obìnrin yìí, Ọlọ́run á bi ọ́ ní ìbéèrè tìrẹ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Ẹgbẹ̀rún kan jáde lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ̀rún méjì lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan ní Fáòsíà àti àwọn gbájú-ẹ̀ náà ni wọ́n jọ pète rẹ̀. Ẹnìkan fi àwòrán rẹ̀ sí ibòmíràn, ó kọ "Olè Anago" sí i lórí. Fáòsíà ka gbogbo rẹ̀. Ó dá ẹni tí ó bá béèrè lóhùn, kò sì fi ìbéèrè parí èsì kankan mọ́.

Ó ṣí ilé ìtàwé náà ní ọjọ́ Sátidé bí ó ti ṣèlérí. Ó to àwọn ìwé ọmọdé síwájú, bí ìbò ti ní kí ó tò wọ́n. Afua wá, ó ra mẹ́ta tí kò nílò. Obìnrin yẹn tí ó ní òun ń ká etí ewé wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó ra ìwé kan, ó sì lọ. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹlòmíràn. Ní ìparí oṣù náà, Fàrúkù wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ń tì í.

"Arábìnrin, o mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Fáòsíà wí. Ó ti di páálí mọ́kànlá rẹ̀ kí ó tó dé.

Màmá Ọlọ́ṣẹ ni ó ní kí ó kó wọn wá sí ìsọ̀ òun. Kò sọ pé òun ti dárí jì í, Fáòsíà kò sì béèrè. Ìyá náà kò gbà pé irọ́ ni ohùn yẹn. Fóònù rẹ̀ wà nínú ìró rẹ̀ nígbà gbogbo, ó ń ṣọ́ ọ kí iná má tán lára rẹ̀. Ní ọjọọjọ́ Ẹtì, yóò wọ léèsì funfun náà, yóò ra ẹja yíyan, yóò sì gba ọ̀nà Circle lọ. Bí ẹnìkan bá bi í ní ibi tí ó ń lọ, yóò ní òun ń lọ pàdé èèyàn òun.

Ojú Ewé ṣì wà. Ẹgbẹ́ títì pa ni, igba ènìyàn ó lé méjìlá ni ó kù nínú rẹ̀. Fáòsíà ṣì ń fi àwòrán ohun àtijọ́ hàn wọ́n, kí wọ́n mú ọ̀kan nínú èsì mẹ́rin. Àwọn ìwé rẹ̀ wà lórí pákó mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ dúdú ní ọjà Mamobi. Ó ń tà wọ́n láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, agogo mẹ́ta ni ó máa ń ti ìsọ̀, kí òun àti Màmá lè dé ọgbà bọ́ọ̀sì kí ó tó di agogo mẹ́rin.